Páálí 14 tàbí páálí 40: èsì mẹ́ta sí ọ̀gá kan ṣoṣo

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí a fẹ́ tú wò yìí kéré. Àpẹẹrẹ ni, a kò sì pe orúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta péré ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ̀wé síra wọn yóò mọ irú rẹ̀. Akọ̀wé sítóò kan, ọmọ ọdún 27, ní láti jẹ́ kí ọ̀gá tó ń bójú tó ríra ọjà, ẹni ọdún 58, mọ̀ pé ìwé tó wà níwájú wọn kọ́ ni ìwé tó yẹ kí wọ́n lò. Láàárín aago 7:50 àti mọ́kànlá òwúrọ̀, akọ̀wé yìí kọ èsì mẹ́ta. Èkíní bí ọ̀gá nínú. Èkejì tù wọ́n nínú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí wọ́n ra ọjà tó súnmọ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n nílò. Ìkẹta ló yanjú ọ̀rọ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago 3:10 ọ̀sán, akọ̀wé fi ìwé tó pè ní "Àkọsílẹ̀ Sítóò – Oṣù Kẹta" ránṣẹ́ sí ímeèlì ọ̀gá. Ìwé oṣù tó ṣáájú, "Àkọsílẹ̀ Sítóò – Oṣù Kejì", ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti oṣù kejì sọ pé páálí bébà ìtẹ̀wé 40 ni ó yẹ kí wọ́n rà. Ti oṣù kẹta sọ pé 14, nítorí pé páálí 26 ṣì wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ọ̀gá béèrè iye bébà nínú gúrúùpù Wáàsáàpù ọ́fíìsì, níbi tí ènìyàn 11 wà. Akọ̀wé rí i. Ó rò ó lọ́kàn pé òun ti fi ìwé ránṣẹ́ láti àná, kò sì dáhùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé òun nìkan ni ẹ̀bi tòótọ́ tí akọ̀wé yìí jẹ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, a ó sì padà síbẹ̀. Bí àgbà bá béèrè ọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn, tí ọmọdé dákẹ́, ìdákẹ́ náà ti di èsì. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n béèrè ti wà lọ́wọ́ wọn, "Ẹ kú iṣẹ́ sà, ó ti wà nínú ímeèlì yín" ì bá ti pa ọ̀rọ̀ náà tì.

Lọ́jọ́bọ̀, aago 7:42 òwúrọ̀, ọ̀gá kọ ọ́ sínú gúrúùpù:

"Kí ló dé tí o ò tíì fi iye bébà ránṣẹ́? Ìgbà kejì tí mo ń béèrè nìyí. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo máa lò: páálí 40. Aago 12 ni oníbébà ń ti ìwé."

Èsì kìíní

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn náà, akọ̀wé dáhùn nínú gúrúùpù kan náà. A kọ ọ́ bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì:

"Mo ti fi ranse si e lati ojo Isegun. E wo imeeli yin daadaa. 14 ni, ki i se 40."

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Kò sí èébú. Akọ̀wé náà sì lè búra pé òun bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá, torí pé òun lo "ẹ" àti "yín". Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kà á bí ẹni ọdún 58 ṣe kà á.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó kọ́kọ́ gún wọn lójú ni "si e". "Ẹ" méjì ni Yorùbá ní. Ọ̀kan máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, òun la fi ń bá àgbà tàbí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀: ẹ wá, ẹ rí i, ẹ jókòó. Èkejì máa ń tẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí "sí" àti "fún" bọ̀, ẹgbẹ́ ẹni àti ọmọdé la sì ń lò ó fún: mo rí ẹ, mo fún ẹ, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ. Tí a bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, "yín" ló gbọ́dọ̀ wà ní ipò kejì yẹn: mo rí yín, mo fi ránṣẹ́ sí yín. Lẹ́nu, kò sí ẹni tó máa ṣì wọ́n pè. Lórí fóònù, níbi tí àwọn méjèèjì ti di "e" láìní àmì kankan lórí tàbí nísàlẹ̀, ìka lè yára ju ọkàn lọ. Akọ̀wé rò pé níwọ̀n ìgbà tí òun ti tẹ "e", òun ti lo ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Ohun tí ọ̀gá rí ni pé ọmọdé kan ń pe àwọn ní ẹgbẹ́ rẹ̀ níwájú ènìyàn mẹ́sàn-án mìíràn. Pé "yin" tẹ̀lé e nínú gbólóhùn kejì kò tún un ṣe. Ṣe ló mú kó dà bíi pé ọmọ náà mọ ohun tó yẹ, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ní ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni "Ẹ wo ímeèlì yín dáadáa". Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé bí "ẹ" bá ti wà níwájú, àṣẹ kì í ṣe àṣẹ mọ́. Àṣẹ ni síbẹ̀. "Ẹ wò ó" àti "wò ó", ìyàtọ̀ wọn wà nínú ẹni tí a ń pàṣẹ fún, kò sí nínú pípàṣẹ fúnra rẹ̀. "Dáadáa" tún wá bà á jẹ́ pátápátá, nítorí pé ó ń sọ pé wọ́n ti wò ó, wọn ò kàn wò ó bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ibi tó dùn wọ́n jù ni "14 ni, kì í ṣe 40". Àwọn tó kọ́ èdè mọ ohun tí "ni" yìí ń ṣe: ó máa ń fa ohun kan yọ síta, ó sì máa ń ti ohun mìíràn dànù. Nígbà tí ohun tí a tì dànù bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu àgbà, àgbà fúnra rẹ̀ la tì. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni "ẹ̀yin lẹ sọ pé…", èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ láìmọ̀ pé ìka ni wọ́n ń na sójú ẹni. "Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ lọ́jọ́ Ajé" gbé ọ̀rọ̀ kan náà, kò sì na ìka sí ẹnikẹ́ni.

Kò sí ìkíni, kò sí "sà", aago sì ṣì wà nínú òwúrọ̀. Ìyẹn kò nílò àlàyé.

Aago 7:58, ọ̀gá fèsì: "Ẹ ṣeun o, ọ̀gá wa. Ẹ ti là wá lójú."

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá lè kà á kó rò pé wọ́n dúpẹ́. Ẹ wò ó pé ìṣẹ́jú 16 ṣáájú, "o" ni wọ́n ń pe akọ̀wé. Tí àgbà tó ń pè ọ́ ní "o" láti ọjọ́ tí o ti débẹ̀ bá ṣàdédé yí sí "ẹ", tó tún fi "ọ̀gá" kún un, inú ti ń bí i gidigidi. Àmì yìí dájú ju igbe lọ, nítorí pé ẹni tó ń pariwo ṣì ń bá ọ sọ̀rọ̀, ẹni tó ń fi "ẹ" pè ọ́ ti kúrò nídìí ọ̀rọ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, ọ̀gá kò ronú nípa bébà mọ́. Wọn ò ṣí ímeèlì náà.

Èsì kejì

Ẹlẹgbẹ́ kan rí i, ó ní kí akọ̀wé tètè lọ bẹ̀ wọ́n. Ìmọ̀ràn náà dára. Bí wọ́n ṣe lò ó ni kò dára. Aago 9:15, èsì kejì wọlé, nínú gúrúùpù náà ni:

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí mi sà, àṣìṣe mi ni sà. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ sà. Bí ẹ bá ṣe wí ni a ó ṣe. Tí ẹ bá ráyè, ẹ lè bá mi wo ìwé náà sà."

Ọ̀gá dáhùn pé, "Kò burú. Má jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀." "Má jẹ́" ni wọ́n lò, ìbínú ti lọ. Gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀. Aago 10:40, ẹ̀dà ìwé ìbéèrè ọjà dé sítóò: páálí 40.

Ta ló fà á? Èsì yìí fúnra rẹ̀ ni, a sì rò pé ó léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ti àkọ́kọ́ kàn bí ẹnì kan nínú ni, èyí fẹ́ ná owó.

Ẹ ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá 14 nínú rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Aago 12 kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni "bí ẹ bá ṣe wí ni a ó ṣe", ohun tí wọ́n sì ti wí ni 40. Akọ̀wé fẹ́ fi gbólóhùn yẹn tẹríba. Ọ̀gá kà á bí ìfọwọ́sí, wọn ò sì ṣì í kà, ohun tó túmọ̀ sí náà nìyẹn.

"Àṣìṣe mi ni" náà wà. Àṣìṣe wo? Nínú ìrántí ọ̀gá, ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ ni pé akọ̀wé kò fi ìwé ránṣẹ́. Ẹni tó bá sọ pé "àṣìṣe mi ni" láìsọ àṣìṣe náà ti gba ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní ìparí ọdún, ohun tí wọ́n máa rí nínú gúrúùpù ni akọ̀wé tó jẹ́wọ́ pé òun kò fi iye ránṣẹ́, ọ̀gá tó béèrè lẹ́ẹ̀mejì, àti páálí 26 tí kò sí ibi tí wọ́n máa tò ó sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìbá ti fẹ́ lọ. Èyí ti di àkọsílẹ̀.

"Ẹ má bínú" gan-an nílò ìṣọ́ra. Ó ní ẹnu méjì. Nígbà mìíràn, ìkànlẹ̀kùn lásán ni: "ẹ má bínú sà, ta ló ni àga yìí?" Nígbà mìíràn, ẹ̀bẹ̀ ẹni tó jẹ̀bi ni. Ohun tó ń ya wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tó tẹ̀lé e. "Ẹ má bínú sí mi" gba ẹ̀bi, kò sì ní ààlà. "Ẹ má bínú pé…" fi ààlà sí i: ohun tó bá tẹ̀lé "pé" nìkan ni mo ń tọrọ àforíjì fún. Nínú ìwé ọ́fíìsì, ẹ jẹ́ kí "pé" wà níbẹ̀ nígbà gbogbo.

"Bàbá mi" ńkọ́? Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn àgbà mìíràn sì fẹ́ràn rẹ̀ ju "ọ̀gá" lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá fi pe ènìyàn ló ń sọ irú iṣẹ́ tí a fẹ́ kó ṣe. Nígbà tí akọ̀wé pe ọ̀gá ríra-ọjà ní bàbá, bàbá ló dá a lóhùn: wọ́n foríjì í, wọ́n sì kìlọ̀ fún un, bí bàbá ṣe ń ṣe. Ọ̀gá ríra-ọjà, ẹni tó ní láti ṣí ìwé kó sì fi iye wé iye, kò sí nílé. "Ẹ̀gbọ́n" ìbá tún burú jù fún ẹni tó fi ọdún 31 junilọ. Ó ń fà wọ́n sílẹ̀ wá sí àárín ẹgbẹ́. Níbi tí iye, ọjọ́ àti owó bá wà, "ọ̀gá" tàbí "sà" lásán ló bá a mu.

"Sà" márùn-ún sì wà nínú ìlà mélòó kan yẹn. Tó bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ń dún bí ìbẹ̀rù, tàbí bí yẹ̀yẹ́ létí ẹlòmíràn.

Ohun tó kẹ́yìn ni "tí ẹ bá ráyè". Gbólóhùn tó dùn ni nígbà tí kò bá sí àkókò tó ń lé ni. Lọ́jọ́ tí ìwé máa tì ní aago 12, ó ti fún àgbà láṣẹ láti má ráyè. Wọn ò sì ráyè.

Èsì kẹta

Aago 10:52. Akọ̀wé kọ́kọ́ fi ìlà kan sínú gúrúùpù: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ti rí ìwé ìbéèrè náà, mo ti kọ̀wé sí yín lápá kan." Ìyẹn nìkan ló kọ síbẹ̀. Níta, àgbà kò gbọdọ̀ wà láìlẹ́sì. Ṣùgbọ́n ibi tí ìtọ́sọ́nà máa ti wáyé gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ojú kò pọ̀ sí. Lẹ́yìn náà ló kọ èyí sí ọ̀gá nìkan:

"Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú pé mi ò dá yín lóhùn lánàá nígbà tí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Lórí iye bébà: ìwé oṣù kẹta ti wà nínú ímeèlì yín láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 3:10 ọ̀sán. Orúkọ rẹ̀ àti ti oṣù kejì jọra púpọ̀, ó rọrùn kí èèyàn mú ọ̀kan fún èkejì. Páálí 40 wà nínú ti oṣù kejì. Ti oṣù kẹta jẹ́ páálí 14 sà, nítorí pé 26 ṣì wà nílẹ̀.

Mo tún fi ti oṣù kẹta sí ìsàlẹ̀ yìí kó lè wà nítòsí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kó tó di aago 11:30, kí a lè rí àyè pààrọ̀ ìwé ìbéèrè náà kí oníbébà tó ti ìwé ní aago 12. Mo wà ní sítóò tí ẹ bá fẹ́ kí n wá sọ́dọ̀ yín sà."

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Àforíjì náà wá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ìdákẹ́ ọjọ́rú. Kò fọwọ́ kan ìwé tí a fi ránṣẹ́, torí pé ìwé náà lọ lásìkò. Àgbà tó bá rí i pé o mọ ibi tí o ti ṣẹ̀ wọ́n gan-an máa gbà ọ́ gbọ́ nínú èyí tó kù.

"Ìwé oṣù kẹta ti wà nínú ímeèlì yín." Ẹ fi wé "mo ti fi ránṣẹ́ sí yín". Òótọ́ kan náà ni méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n nínú èkejì, "mo" wà ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí. Nígbà tí a bá fi ìwé ṣe olùwà gbólóhùn, ìjà kúrò láàárín èmi àti ẹ̀yin. Ọjọ́ àti aago wà níbẹ̀, wọ́n ń jẹ́rìí láìgbé ohùn sókè. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú "ó rọrùn kí èèyàn mú ọ̀kan fún èkejì". "Ẹ ti ṣì í mú" ni òótọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀gá á sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ìwé méjì tó jọra ló ru ẹ̀bi náà, ẹ̀bi náà sì tọ́ sí i lóòótọ́. Èyí kì í ṣe ìpọ́nni. Bí orúkọ ìwé kò bá jọra, tí ọ̀gá kàn gbàgbé, ẹ má ṣe hùmọ̀ àwáwí fún wọn. "Ó lè jẹ́ pé ojú yín ò tíì débẹ̀" ti tó.

Ẹ wo bí 40 àti 14 ṣe jókòó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ òótọ́ ní ààyè tirẹ̀: 40 kò jẹ́ àṣìṣe, iye oṣù kejì ni. Kò sí "kì í ṣe" níbẹ̀. "Sà" wá lẹ́yìn 14 gan-an, níbi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, torí ibẹ̀ ni ìrọ̀rùn ti wúlò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdí tẹ̀lé e: 26 ṣì wà nílẹ̀. Èsì àkọ́kọ́ kò fún wọn ní ìdí kankan, àgbà tí a kò sì fún ní ìdí kò ní ọ̀nà láti yí ọkàn padà àfi kó gbà pé ọmọdé ló borí òun. Pẹ̀lú 26 níwájú wọn, ìṣirò ni wọ́n tẹ̀lé.

"Ẹ bá mi wò ó" ṣì jẹ́ àṣẹ ní ìrísí, ṣùgbọ́n "bá mi" ti sọ ọ́ di oore tí wọ́n ń ṣe fún mi. Ẹ ṣàkíyèsí pé aago 11:30 kò rọ̀ rárá. Kò sí "tí ẹ bá ráyè", kò sí "bóyá". Ọ̀wọ̀ wà lára ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ènìyàn, lára ìkíni àti lára ìbéèrè. Iye, ọjọ́ àti aago kì í wọṣọ ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá kọ "bíi páálí mẹ́rìnlá bẹ́ẹ̀ sà" nítorí kó lè dún jẹ́jẹ́ ti sọ iye di àbá.

Bí ọ̀gá bá wà nínú ilé kan náà, ó sàn kí a gbé ẹsẹ̀ lọ bá wọn kí a tó kọ ohunkóhun. Ẹ mú ìwé méjèèjì lọ́wọ́, ẹ tẹ́ wọn síwájú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí orúkọ oṣù hàn, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀. Ohun tí ojú àgbà bá fúnra rẹ̀ rí, ẹnu ọmọdé kò ní láti sọ ọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ kọ ìlà kan tó gbé iye náà sílẹ̀.

Tí wọ́n bá ní 40 ni síbẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe tún àlàyé náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà kẹta ti di àríyànjiyàn. Ẹ kọ: "Mo ti gbọ́ sà. Ṣé kí n kọ 40 sílẹ̀ bí ẹ ṣe pa á láṣẹ, kí n sì fi sí i pé 14 ni ìwé oṣù kẹta gbé jáde?" Ìbéèrè ni, kò sì sí àfojúdi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" ti fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ 40. Ọ̀pọ̀ àgbà máa ń tún ìwé wò nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ kọ ni "ó dáa" lásán. "Ó dáa" jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ní àṣẹ láti fọwọ́ sí nǹkan. Lẹ́nu ọmọdé sí àgbà, ó dà bíi pé òun ló yọ̀ǹda. "Mo ti gbọ́ sà" ló yẹ ọ́. Àwòrán àtàǹpàkò tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ ránṣẹ́ náà kò yàtọ̀ sí "ó dáa".

Ní ti sísọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹlẹgbẹ́, "ọ̀gá ní 40 ni wọ́n fẹ́" la ń kọ, a kì í kọ "ó fẹ́", bí wọn ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Gúrúùpù kì í ní ẹ̀yìn, ẹnì kan á ya àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n "wọ́n" lè rú ènìyàn lójú níbi tí oníbébà náà ti jẹ́ "wọ́n", nítorí náà ẹ tún orúkọ ipò wọn pè dípò kí ẹ jẹ́ kí "wọ́n" mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀gá ló kéré lọ́jọ́ orí, tí akọ̀wé sítóò jẹ́ ẹni ọdún 58, ohun tó yípadà kò pọ̀. "Ẹ" á máa lọ sọ́tùn-ún sósì láàárín àwọn méjèèjì, ipò ló fún ọ̀kan, ọjọ́ orí ló fún èkejì. Àṣẹ ọ̀gá á wá nípasẹ̀ "ẹ bá wa", èsì akọ̀wé á sì ní "sà" tàbí "mà" tirẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ kí "ẹ" jábọ́ ni gbogbo ọ́fíìsì máa rántí.

Aago 11:17, ọ̀gá kọ ọ́ sínú gúrúùpù, níwájú gbogbo ènìyàn 11: "Ti oṣù kẹta la máa lò, páálí 14. Tètè tún ìwé ìbéèrè náà kọ kó tó di aago 12. O ṣeun."

Wọn ò sọ pé àwọn ṣì í mú, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ retí rẹ̀. Akọ̀wé kò kọ "bí mo ṣe sọ láàárọ̀". Ó kọ "Ẹ ṣeun sà, mo ti ń tún un kọ", aago 11:31 sì ni ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ oníbébà. Ohun tó wù ú láti rí jù nínú ìlà ọ̀gá yẹn kì í ṣe 14. "O ṣeun" ni: "o" ti padà.